Ta Ló Bi Yín Léèrè Aago?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ọjọ́ ìbí lẹ ní kí èèyàn kọ o. Ọjọ́, oṣù, ọdún, ó parí. Ta ló wá bi yín léèrè aago? Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990 fi ń di ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 13 kó tó kọ fọ́ọ̀mù tán?

Mo mọ ibi tó ti ń wá, ó sì ti sú mi láti máa tún un ṣe. Bí èèyàn bá mú ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, kóòdù yín á sọ ọ́ di aago 12 òru ọjọ́ náà, níbi tí ẹ̀rọ ẹni náà wà. Kó tó fi pamọ́, á tún yí i sí UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀, ní ìgbà ooru, aago Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Ẹ wo JavaScript yìí lórí ẹ̀rọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù:

```
new Date(1990, 6, 14).toISOString()
// "1990-07-13T23:00:00.000Z"
```

(6 yẹn, oṣù Keje ni. Láti òdo ni wọ́n ti ń ka oṣù. Ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Wákàtí kan péré ló yẹ̀, ó sì ti gbé èèyàn padà sí àná. Ẹnìkan á wá gé lẹ́tà 10 àkọ́kọ́, á kọ ọ́ sí dátábéèsì. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù! Bí ẹ bá fi 23:00 yẹn sílẹ̀, ẹni tó bá wò ó á fura. Ẹ gé e kúrò tán, ó ku 1990-07-13, tó jọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó lè tú àṣírí rẹ̀ mọ́ àfi ẹni tí wọ́n bí.

Bí èèyàn bá pariwo, wọ́n á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tèmi." Báwo ni kò ṣe ní ṣiṣẹ́? Ọjọ́ inú oṣù Kejìlá lo fi dán an wò, nígbà tí aago Lọ́ńdọ̀nù àti UTC jẹ́ ọ̀kan náà! Àwọn mìíràn á fi ọjọ́ kan kún gbogbo rẹ̀, àwọn tí wọ́n bí nígbà òtútù á wá di ọmọ ọ̀la. Ọlọ́gbọ́n wọn á ní kí a fi kún ti ìgbà ooru nìkan. Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù Kìíní ọdún 1970 wá ńkọ́? Láti oṣù Kẹwàá 1968 títí di òpin oṣù Kẹwàá 1971, Bìrìtìkó ò dá aago padà sẹ́yìn rárá. Ìgbà òtútù wọn gan-an fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Òpó DATE wà nínú dátábéèsì, kò gba aago rárá. Bí èèyàn bá kọ 1990-07-14, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí Date yín má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi hàn, ẹ má tún lọ kọ new Date("1990-07-14"), torí aago 12 òru UTC ló máa kà á sí, ẹni tó wà ní Niu Yọ́ọ̀kì á tún rí ọjọ́ 13. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ jẹ́ ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́!