Eré kò ba aago mùónù jẹ́, kò sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti jókòó sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ti kọ́ físíìsì dé yunifásítì. Wọ́n gbà pé bí nǹkan bá ń sáré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, eré náà á ṣe é ní nǹkan: aago rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ara rẹ̀ á sún kì bí awọ tó rí iná, ẹ̀mí rẹ̀ á sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé aago tó falẹ̀ àti gígùn tó sún kì jẹ́ nǹkan méjì tó ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀, pé kí èèyàn ṣírò méjèèjì kó tó rí ìdáhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ò sì nílò àlàyé lásán láti fi hàn, torí àwọn èèyàn ti ka mùónù lórí òkè àti nísàlẹ̀, iye tí wọ́n kà sì tó láti dá ẹjọ́ náà.

Mùónù jẹ́ èérún kékeré tó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àmọ́ tó wúwo jù ú lọ ní bí ìgbà 207. Púrótọ́ọ̀nù tó ń ti òfuurufú bọ̀ ló máa ń kọlu afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sókè, inú àfọ́kù ìkọlù yẹn sì ni mùónù ti ń wá. Bí ẹ bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sílẹ̀ níbi tí ẹ wà báyìí, bí ẹyọ kan ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mùónù kì í pẹ́ láyé. Tó bá dúró sójú kan, ẹ̀mí rẹ̀ kì í ju máíkírósẹ́kọ́ndì 2.2 lọ tí a bá pín in dọ́gba, ìyẹn ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn náà, á túká, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì jáde lára rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún mùónù, bí 37 ló máa kù lẹ́yìn máíkírósẹ́kọ́ndì 2.2 àkọ́kọ́, tí 2.2 mìíràn bá sì tún kọjá, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kù yẹn ló máa ṣẹ́ kù. Òfin yìí ni aago mùónù. Ẹ mú un lọ́wọ́, torí òun la ó máa padà sí.

Ní 1963, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, David Frisch àti James Smith, gbé ẹ̀rọ ìkàyé wọn lọ sí Mount Washington ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, níbi tó fi mítà 1907 ga ju ibi tí wọ́n máa padà sọ̀ kalẹ̀ sí. Àárín ẹ̀rọ náà ni ike kan wà tó máa ń kọ mànà bí èérún bá wọ inú rẹ̀. Wọ́n to irin tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ sórí rẹ̀. Irin yìí kì í ṣe ààbò lásán. Mùónù tí eré rẹ̀ kò tó máa há sínú irin, èyí tí eré rẹ̀ pọ̀ jù á gba inú ike kọjá, ìwọ̀nba èyí tí eré rẹ̀ wà láàárín 0.9950 àti 0.9954 eré ìmọ́lẹ̀ ló máa dúró sínú ike. Bó bá ṣe dúró, ike á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣe túká, á tún kọ mànà lẹ́ẹ̀kejì. Àlàfo tó wà láàárín mànà méjèèjì ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì rí nǹkan bí 563 mùónù bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Cambridge ní Massachusetts, tí kò jìnnà sí òkun. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òkè àti ilẹ̀ máa ń gba díẹ̀ lára agbára mùónù, nítorí náà wọ́n yọ bí ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nínú irin náà kó lè jẹ́ pé irú mùónù kan náà ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí á ka irú mùónù mìíràn, àfiwé rẹ̀ á sì dàrú pátápátá.

Kí ló yẹ kí wọ́n rí ní Cambridge? Ìrìn mítà 1907 gba mùónù ní nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ndì 6.4 lórí aago tiwa. Bí aago mùónù bá ń bá tiwa rìn dọ́gba, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀mí rẹ̀ ni àkókò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, nǹkan bí 31 péré ló sì yẹ kó kù nínú 563. Ohun tí wọ́n kà sún mọ́ 410.

Níbí ni ìdiwọ̀n γ = 1/√(1 − v²/c²) ti wọlé, èyí tó ń sọ ìlọ́po tí aago fi falẹ̀; v ni eré mùónù, c sì ni eré ìmọ́lẹ̀. Fún eré tí mùónù ní lórí òkè, γ jẹ́ nǹkan bí 10.2, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọsẹ̀ sí, torí wọ́n á fi 10.2 ṣírò láti òkè délẹ̀, wọ́n á rí bí 423. Afẹ́fẹ́ ń dín eré mùónù kù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí a bá sì ka èyí mọ́ ọn, γ tó yẹ fún gbogbo ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí 8.4. Ẹ pín 6.4 sí 8.4, ẹ ó rí 0.76. Máíkírósẹ́kọ́ndì 0.76 péré ló kọjá fún mùónù fúnra rẹ̀, ìyẹn kò tó ìdajì ẹ̀mí rẹ̀, bí 398 nínú 563 ló sì yẹ kó yè é. Ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà láàárín 398 àti 410 kò kọjá àṣìṣe tí a lè retí nínú irú ìṣirò yìí.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìgbàgbọ́ pé eré ló ṣe mùónù ní nǹkan. Àwọn mùónù tó dúró sínú ike ní Cambridge ti sáré gba gbogbo ọ̀nà yẹn. Tí eré bá ti ba aago wọn jẹ́, ó yẹ kí àmì rẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n dúró. Àlàfo láàárín mànà méjèèjì kò yí padà, 2.2 náà ni. Kò sí àpá kankan lára wọn. Èyí tó yè é kì í ṣe arúgbó tí a ń fi agbára mú dúró, àkókò tó kọjá fún un ló kéré.

Ẹni tó bá mùónù rìn, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní rí i pé aago mùónù falẹ̀. Mùónù dúró sójú kan ni tiẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 2.2 gẹ́lẹ́. Òkè ló ń sáré bọ̀ wá bá wọn. Òkè tó ń sáré yìí ló sún kì lọ́dọ̀ tirẹ̀: ẹ pín 1907 sí 8.4, ó di mítà 227. Òkè tó ga ní mítà 227, tó sì ń sáré ní bí 0.993 eré ìmọ́lẹ̀, á kọjá láàárín máíkírósẹ́kọ́ndì 0.76. Iye kan náà tí a rí láti ilẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù nìyí lójú tiwa. Aago tó falẹ̀ àti gígùn tó sún kì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹni méjì ń sọ, ẹnì kan láti ilẹ̀, ẹnì kejì láti ọ̀dọ̀ mùónù. Ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún òkè kì, torí òkè rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá mùónù rìn kò gbọ́dọ̀ fa ẹ̀mí mùónù gùn. Bí ẹnì kan bá kó méjèèjì pọ̀, á pín 6.4 sí 8.4 lẹ́ẹ̀mejì, á rí 0.09, á sì retí pé kí bí 540 dé ìsàlẹ̀. Ike tó wà ní Cambridge kò ka 540. Torí náà, iye mẹ́ta la ní láti fi yẹ ara wa wò: tí ìdáhùn yín bá jẹ́ 31, ẹ ò lo γ rárá, tó bá sún mọ́ 400, ó tọ̀nà, tó bá jẹ́ 540, ẹ ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ìbéèrè kan tí òǹkàwé tó fọkàn sí i á béèrè. Bí àwa ṣe rí aago mùónù pé ó falẹ̀, mùónù náà rí aago tiwa pé ó falẹ̀ ní ìlọ́po 8.4. Bí 0.76 bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, 0.09 péré ló yẹ kó rí lórí aago ilẹ̀. Báwo wá ni aago ilẹ̀ ṣe ka 6.4? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé aago méjì ni tiwa, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan ní Cambridge, a sì ti tò wọ́n kí wọ́n ka iye kan náà. Lọ́dọ̀ mùónù, a ò tò wọ́n bára mu. Nígbà tí aago orí òkè bá ka òdo, ti Cambridge ti ń ka vL/c² lọ́dọ̀ rẹ̀, níbi tí L ti jẹ́ mítà 1907, ìyẹn nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ndì 6.32. Ẹ fi 0.09 lé e, ó di 6.41. Láìsí ìgbésẹ̀ yìí, ìṣirò mùónù àti tiwa kò lè bára mu láé, àìmọ̀ ọ́n sì ló ń mú kí àwọn kan sọ pé rẹ́látífítì, ìyẹn àbá Einstein tí gbogbo ìṣirò yìí ti wá, ń tako ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní afẹ́fẹ́ ló ṣe mùónù báyìí. Ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì kan ní Yúróòpù, ní 1977, wọ́n dá mùónù sínú òrùka tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 14, tí òòfà sì ń yí èérún náà po. Níbẹ̀, γ jẹ́ 29.3, ẹ̀mí mùónù sì gùn tó 64.4 lórí aago ilé ìwádìí. Ẹ pín 64.4 sí 29.3, 2.2 náà ló máa fún yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣírò irú nǹkan báyìí, ẹ kọ́kọ́ wá aago tó wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ àti níbi òpin fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀ràn tiwa, mùónù nìkan ló wà lórí òkè tó sì tún wà ní Cambridge, nítorí náà aago tirẹ̀ ló máa ka iye tó kéré jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí òkè dúró sí lọ́dọ̀ rẹ̀, torí òun ló máa rí gígùn tó pọ̀ jù. Ẹ mú ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú wọn, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ìṣirò á fi parí.