Alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó, ibi yòówù kó wọlé sí lórí fóònù yín

"Ṣebí ibi tí alẹ́ẹ̀tì báńkì mi máa ń wọlé sí náà ló wọlé sí!" Ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyí lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti fi ayédèrú alẹ́ẹ̀tì gba àdìrẹ lọ́wọ́ wọn ní ọjà Ìtokú l'Abẹ́òkúta níbí. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ o. Wọ́n wo fóònù, wọ́n rí orúkọ báńkì wọn, wọ́n rí i pé abẹ́ alẹ́ẹ̀tì àná ni tòní wà, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ń kó wa sí wàhálà.

Orúkọ tó máa ń wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kì í ṣe nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà ló ń tẹ orúkọ náà fúnra rẹ̀, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí kò ju 11 lọ. Òfin wà pé kéèyàn forúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó tó máa lò ó, ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì ṣì ń rí ọ̀nà gbà. Fóònù yín ní tirẹ̀ kò mọ báńkì yàtọ̀ sí gbájúẹ̀. Ó rí i pé orúkọ méjì bára mu, ó sì kó wọn sójú kan náà. Bí ẹnì kan bá kọ orúkọ bàbá yín sẹ́yìn lẹ́tà, tó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn, àárín àwọn lẹ́tà bàbá yín lẹ ó kó o sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ọkùnrin kan rí àdìrẹ tí mo gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó ní Àkúrẹ́ lòun wà. Mẹ́wàá ló fẹ́, ọlọ́yáàdì márùn-ún márùn-ún, ₦8,500 ni ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ ₦85,000. Kò ná an rárá. Ó kàn gba nọ́ńbà akáǹtì mi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, fóònù mi dún:

```
Credit
Amt: NGN120,000.00
Acc: 012****789
Desc: ADIRE
Bal: NGN148,205.60
```

Kò pẹ́ tó fi pè mí. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti san án. Ọmọkùnrin tó máa wá gbé ẹrù wà ní Kútọ̀ báyìí, mo ti fi owó tiẹ̀ àti owó ọkọ̀ kún un. Ẹ bá mi fi ₦35,000 sí akáǹtì rẹ̀, kó lè tètè máa bọ̀, ọkọ̀ ti fẹ́ẹ́ kún." Ọmọṣẹ́ mi ti ń di àdìrẹ sínú báàgì.

₦42,310 ló wà nínú akáǹtì mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó aró tán ni. Tí ₦120,000 bá wọlé lé e, ₦162,310 ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Níbo ni ₦148,205.60 ti wá? Oníjìbìtì mọ orúkọ mi, ó mọ nọ́ńbà akáǹtì mi torí pé èmi ni mo fún un, ṣùgbọ́n kò mọ iye tó wà nílẹ̀. Ó kàn méfò ni. Ìlà `Bal` yìí ló sábà máa ń tú wọn fó.

Àmọ́ ẹ má fi ìlà yẹn nìkan ṣe ẹ̀rí o. Àwọn míì máa ń kọ́kọ́ ra ọjà kékeré, wọ́n á san ₦3,000 lóòótọ́, wọ́n á wá ní kí ẹ ya fọ́tò alẹ́ẹ̀tì yín ránṣẹ́ "kí ọkàn àwọn lè balẹ̀." Ẹ ti fi iye tó wà nínú akáǹtì yín hàn wọ́n nìyẹn. Èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìṣirò rẹ̀ á pé pérépéré. Nítorí náà, mi ò kí ń fi fọ́tò alẹ́ẹ̀tì mi han oníbàárà kankan. "Mo ti rí i" ti tó.

Ibi tí owó wà ni kéèyàn ti wo owó. Mo ṣí áàpù báńkì mi fúnra mi, mo wọ ibi tí wọ́n ti ń to owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Aró tí mo san ló wà lókè pátápátá. ₦42,310 ṣì ni. Ẹni tí kò ní áàpù lè tẹ kóòdù báńkì rẹ̀ láti mọ iye tó kù, kó wò ó kí owó tó wọlé àti lẹ́yìn rẹ̀. Tiránsífà láti báńkì kan sí òmíràn kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá a dúró, ẹ jẹ́ kí àdìrẹ náà dúró. Alẹ́ẹ̀tì gidi pàápàá máa ń pẹ́ dé nígbà míì, nígbà tí owó ti wà nínú akáǹtì tipẹ́. Alẹ́ẹ̀tì tó dé kò fi hàn pé owó dé, èyí tí kò dé kò sì fi hàn pé owó ò dé.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé mi ò tíì rí owó. Ó bá fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́, àmì tó láwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Áàpù tó ń ṣe irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ kún ìgboro, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ lè wò lára rìsíìtì owó tó ti báńkì mìíràn wá: `Session ID`. Nọ́ńbà 30 ni, láti orí ìkeje dé ìkejìdínlógún sì ni ọjọ́ àti aago wà. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ `250614093012`, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Lára tiẹ̀, oṣù tó ti kọjá ló wà níbẹ̀. Rìsíìtì àtijọ́ ló yí orúkọ àti iye padà lára rẹ̀.

Ẹ wo ìdí tó fi jẹ́ ₦35,000 ló ní kí n fi ránṣẹ́. Kì í ṣe àdìrẹ nìkan ló ń wá. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní iye bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tí mo bá sì fi ránṣẹ́, owó gidi tèmi ló máa jáde, ₦7,310 ló máa kù sí mi lọ́wọ́. Owó tó lé yẹn ni pańpẹ́ náà.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà míì, owó náà máa ń wọlé lóòótọ́. Aládùúgbò ìsọ̀ mi kan rí ₦120,000 nínú áàpù rẹ̀ kedere, àmọ́ orúkọ obìnrin kan tí kò mọ̀ ló wà lára owó náà. Oníbàárà ní ìyàwó òun ni. Ó kó ọjà fún un, ó sì fi owó tó lé sí akáǹtì mìíràn tí wọ́n júwe. Lọ́jọ́ kẹrin, báńkì so akáǹtì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó obìnrin yẹn ni wọ́n ti jí, ó sì ti fẹjọ́ sùn ní báńkì tirẹ̀. Wọ́n gba ₦120,000 padà fún olówó. Ọjà ti lọ, ₦35,000 náà ti lọ.

Nítorí náà, bí owó bá lé, ẹ má fi ránṣẹ́ sí akáǹtì tuntun kankan, ì báà jẹ́ ti awakọ̀, ti àbúrò tàbí ti ẹni tó máa gbé ẹrù. Ẹ pe báńkì yín ní nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kì í ṣe nọ́ńbà tí oníbàárà bá fún yín. Ẹ ní kí wọ́n dá owó náà padà sí akáǹtì tó ti wá gan-an, kí ẹ sì di ọjà mú títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Ẹni tó ṣèèṣì lóòótọ́ kò ní bínú pé owó padà síbi tó ti wá.

Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin Àkúrẹ́ nìyẹn. Ó gé fóònù, mi ò sì rí i pè mọ́. Ọmọṣẹ́ mi tú báàgì, ó to àdìrẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà sórí pẹpẹ.