Ẹ Yé Sọ Pé Aládàáni Ló Ru Gbogbo Ewu

Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó mọ̀wé dáadáa sì ni o: "Kí ló kan ìjọba? Kò ná kọ́bọ̀. Aládàáni ló gbé owó sílẹ̀. Tó bá jèrè, tiẹ̀ ni. Tó bá pàdánù, tiẹ̀ náà ni." Gbogbo àwọn tó jókòó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀nà, omi tàbí ọjà lé aládàáni lọ́wọ́, orin tí wọ́n máa ń kọ nìyẹn, ẹnìkan kì í sì í bèèrè pé owó ta gan-an ni wọ́n gbé sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tibi owó bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó kì í sábà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀. Á bí ilé-iṣẹ́ kékeré kan nítorí iṣẹ́ yẹn nìkan, ọmọ yìí ló máa tọwọ́ bọ̀wé, òun náà ló máa yá owó. Ìwọ̀nba ni owó tí àwọn tó ni ín máa fi sílẹ̀. Báńkì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Bí ọmọ bá jẹ gbèsè kú, báńkì kò ní í kan ilẹ̀kùn baba. Ìwọ̀nba tó fi sílẹ̀ yẹn ni baba máa pàdánù, bóyá kó má tilẹ̀ dùn ún, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, baba yìí náà ni agbaṣẹ́ṣe tó ṣe ọ̀nà ọ̀hún, ó sì ti jẹ èrè tirẹ̀ níbi iṣẹ́. Ṣé ẹ rò pé báńkì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní kí ìjọba kọ́kọ́ wá ṣe onídùúró.

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó lọ wo Mẹ́síkò. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí di 1994, ìjọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn 52 pẹ̀lú àwọn aládàáni pé kí wọ́n la ọ̀nà tó lé ní 5,000 kìlómítà, kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá gbà á kọjá, kí wọ́n sì dá ọ̀nà padà fún ìjọba tó bá yá. Ẹni tó bá ní òun máa tètè dá a padà jù lọ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún. Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ ẹni tí ọdún tó máa fi pawó kò tó nǹkan, owó gọbọi ló máa gbà. Wọ́n gbà á lóòótọ́. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù wo iye tí wọ́n ń gbà, wọ́n padà sójú ọ̀nà àtijọ́ tí kò la owó lọ. Iye ọkọ̀ tó ń kọjá kò sún mọ́ iye tí wọ́n ṣírò.

Ta ló ṣírò iye ọkọ̀ yẹn? Ìjọba ni. Ó sì fọwọ́ sọ̀yà sí i: bí ọkọ̀ kò bá tó iye tí a sọ, ọdún tí ilé-iṣẹ́ máa fi gbowó á gùn sí i. Ẹ sì wo iye ìdókòwò tí wọ́n ń pariwo rẹ̀: apá kan lára rẹ̀ kì í ṣe owó rárá, iṣẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣe sójú ọ̀nà ni wọ́n kà sí owó. Àwọn báńkì ilẹ̀ náà, tí àwọn kan nínú wọn ṣì jẹ́ ti ìjọba nígbà yẹn, ló yá wọn ní ìyókù. Nígbà tó di December 1994, owó pẹ́sò já wálẹ̀, èlé orí gbèsè ga fíofío, kò sì sí ọ̀nà tó lè pa iye tí wọ́n á fi san án. Ní 1997, ìjọba gba 23 lára àwọn ọ̀nà náà padà, ó sì kó gbèsè wọn lé orí ara rẹ̀, nǹkan bíi $7.7 bílíọ̀nù. Ewu pé ọkọ̀ lè má tó, ewu pé èlé lè ga, orí ará ìlú ni gbogbo rẹ̀ já lé.

Ẹ má sì sọ fún mi pé Mẹ́síkò jìnnà. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Àdéhùn ọgbọ̀n ọdún ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣe ní 2006. Ní 2008, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fọwọ́ sí i láti yá ilé-iṣẹ́ náà ní $85 mílíọ̀nù. Náírà ni awakọ̀ ń san ní tóógéètì. Dọ́là ni gbèsè báńkì yìí. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi lọ bá ilé aṣòfin ní 2013 pé kí wọ́n fọwọ́ sí N7.5 bílíọ̀nù kí òun fi ra àdéhùn náà padà. Ẹni tó bá ra ilé-iṣẹ́ ti ra gbèsè rẹ̀ mọ́ ọn. Dọ́là kan kò tó N160 lọ́wọ́ ìjọba lọ́dún yẹn. Kí 2016 tó parí, ó ti di nǹkan bíi N305. Ẹ fi iyẹn ṣírò gbèsè dọ́là tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ru ewu.

Èmi fúnra mi ti jókòó ti irú ìwé yìí. Ti ọjà kan ni, mo wà lára àwọn tí wọ́n ní kó bá àwọn ọlọ́jà yẹ̀ ẹ́ wò. Níwájú ìwé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé agbaṣẹ́ṣe ló ru ewu ìkọ́lé àti ewu owó tó ń wọlé. Ẹ̀yìn pátápátá, nínú àfikún tí ẹnikẹ́ni kì í kà, ni mo ti bá àtẹ kan tó sọ iye tí ìjọba máa san bí àdéhùn bá dà rú. Òpó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ìjọba, yóò san gbogbo gbèsè báńkì, á tún san èrè tí ilé-iṣẹ́ ì bá jẹ. Bó bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, yóò san gbèsè. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìjọba ṣì máa san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè báńkì. Mo fi bírò tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí òpó kankan tí ìjọba kò ti ní í sanwó. Èyí tó tún burú ni pé àwọn ọlọ́jà ti san àsansílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, owó yẹn gan-an ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá dúró, báńkì ní òpó mẹ́ta. Ọlọ́jà ní rìsíìtì.

Wọ́n á ní aládàáni máa ń ṣiṣẹ́ kíá, pé owó kò sí lápò ìjọba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, ìyẹn kọ́ ni mò ń bá wọn jà lé lórí. Mo gbà pé bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí iye kan pàtó fún ìkọ́lé, tí simẹ́ǹtì wá wọ́n sí i, agbaṣẹ́ṣe lè rù ú lóòótọ́. Ewu kan nìyẹn, kì í sì í ṣe òun ló tóbi jù.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wá, àtẹ tó wà lẹ́yìn ìwé yẹn ni kí ẹ bèèrè. Iye wo ló wà lábẹ́ òpó "ẹ̀bi ilé-iṣẹ́"? Ṣé náírà ni àbí dọ́là? Bí ọkọ̀ tàbí ọlọ́jà kò bá tó iye tí wọ́n ṣírò, ta ló máa dí i? Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé àṣírí òwò ni, ẹ bi wọ́n bóyá báńkì ti rí i.