Ẹ Yéé Fọwọ́ Tẹ Nọ́ńbà Sínú Ìwé Àdéhùn!

Ó ti sú mi! Àná ni wọ́n tún fi abala tuntun kan ránṣẹ́ sí mi, lórí pípa àṣírí mọ́, wọ́n ní kí n kàn fi bọ àárín ìwé àdéhùn tó wà nílẹ̀ nínú Word, kó di abala 3. Wọ́n ní kò lè gbà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ìṣẹ́jú 5! Aago 10 alẹ́ lù, mo ṣì jókòó tì í.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Mo kọ́pì abala náà, mo lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Bó ṣe bọ́ síbẹ̀ báyìí, nọ́ńbà tó ti ń jẹ́ látilé ló gbé wá: 1, 1.1, 1.2, 1.3, láàárín abala 2 àti abala 3 tiwa. Mo tẹ Continue Numbering kó lè tò tẹ̀ lé àwọn tó kù. Àkọlé di 3, abẹ́ rẹ̀ di 3.1, 3.2. Ọkàn mi balẹ̀. Mo wo ìlà tó kàn: 1.3. Kò mì! Ẹnì kan ló fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, tó wá ń tẹ àlàfo lórí àlàfo kó lè bá àwọn tó wà lókè gún régé. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Àfi kí ẹ tẹ orí nọ́ńbà náà gan-an: èyí tí Word fúnra rẹ̀ kà á yọ àwọ̀ eérú, ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú ò sì ní lè wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀, wẹ́rẹ́ ni ìlà náà á wọ ibẹ̀.

Ṣé ibẹ̀ ló parí sí? Rárá o. Abala tuntun ti wọlé, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún. Abala 4, ti owó sísan, di 5. Abala 6, ti fífòpin sí àdéhùn, di 7. Inú abala 7 yìí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí oníbàárà kò bá san owó tí "abala 4.2" sọ láàárín ọjọ́ 30, agbaṣẹ́ lè fòpin sí iṣẹ́. Ọwọ́ náà ni wọ́n fi tẹ 4.2 yẹn! Gbogbo nọ́ńbà ti sún, òun nìkan dúró gbagidi. Kí ló wá wà ní 4.2 báyìí? Ibi tí wọ́n á ti wá gba ẹrù! Kò sí ọ̀rọ̀ owó kankan níbẹ̀. Ká ní wọ́n buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, tí oníbàárà ò sì sanwó, kí ni agbaṣẹ́ fẹ́ dì mú? Èmi sì ni wọ́n máa bi, kì í ṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń kọ́pì láti inú PDF ńkọ́? Ìlà kọ̀ọ̀kan á di ìpínrọ̀ tirẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo á wá gba nọ́ńbà 4. Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀ ná.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo pa ohun tí mo lẹ̀ rẹ́, mo fi Keep Text Only tún un lẹ̀. Bẹ́ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tó bá a wá á di ọ̀rọ̀ lásán, ẹ ó sì pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa rí "3.1 1.1" lórí ìlà kan. Mo ṣí Define New Multilevel List, mo so ipele kìíní mọ́ Heading 1, ipele kejì mọ́ Heading 2. Láti ìgbà yẹn, n ò fọwọ́ kan nọ́ńbà mọ́: mo fún àkọlé ní Heading 1, mo fún ìpínrọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní Heading 2, Word ń kà á lọ. Mo wá ọ̀rọ̀ náà "abala" kiri látòkè délẹ̀. Ibi 17! Mo yọ nọ́ńbà ọwọ́ kúrò níbẹ̀, mo fi Cross-reference rọ́pò wọn. Ìyẹn náà kì í dédé yí o. Bí abala bá tún sún, àfi kí ẹ tẹ Ctrl+A, kí ẹ tẹ F9. Bí ẹnì kan bá sì ti pa abala tó ń tọ́ka sí rẹ́, ohun tí F9 máa gbé jáde nìyí:

```
Error! Reference source not found.
```

Mo fara mọ́ ìyẹn, torí ó ń pariwo. 4.2 tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ kì í pariwo, ńṣe ló máa ń dákẹ́ síbẹ̀, tí á máa parọ́.

Òwúrọ̀ yìí, abala míì tún wọlé. Mo tẹ orí 1.3 tó wà níbẹ̀, ìlà tó ń ṣẹ́jú wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. N ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun. Ẹ gbà á padà, ẹ lọ tún un ṣe!