Òṣómàáló níwájú ìyá àgbà

“Ṣé ìwọ̀sí kọ́ ni kéèyàn máa fi ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú àgbà?”

Rárá o. Níbi ìsìnkú bàbá àgbà wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan nínú wa jẹ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní gbèsè ₦500. Ni àbúrò bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ̀gbọ́n, òṣó ni màá ló títí ẹ ó fi san án!” Bí àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà ṣe ń sin gbèsè láyé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní kó gba gàrí dípò owó. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé “ẹ̀gbọ́n” àti “ẹ” ò kúrò lẹ́nu àbúrò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn sọ pé gbèsè ni bàbá ẹ̀gbọ́n náà jẹ kú, ẹ̀rín dá. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ò jágbe mọ́ ọn, wọ́n kàn rán an lọ pọnmi. Àwọn àgbà wa ń fàyè gba ẹ̀fẹ̀ nípa ìlú àti oúnjẹ, àmọ́ wọn kì í gba ti òbí ẹni, àìrọ́mọbí tàbí àbùkù ara. Nígbà tó pọnmi dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.