Ẹ Yé Sọ Fún Aboyún Pé Kó Lọ Ra Aṣọ Tó Tóbi

Mo tún ti rí i lówùúrọ̀ yìí. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn lórí ìmúra kọ ọ́ pé kò sí ìdí tí aboyún tó ń lọ sí ọ́fíìsì fi ní láti da ara rẹ̀ láàmú, pé kó ṣáà ra aṣọ tó fi ìwọ̀n méjì tóbi ju èyí tó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ yóò fi pé. Àwọn ènìyàn sì ń kan sáárá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, àti pé àwọn obìnrin tó ń múra lọ sí ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, nítorí náà ẹ ó mọ ìdí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń bí mi nínú. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì fi téèpù wọn aboyún rí.

Tí wọ́n bá fi ìwọ̀n méjì kún aṣọ, kì í ṣe ikùn nìkan ni wọ́n fi kún. Wọ́n fi kún èjìká, wọ́n fi kún ihò apá, wọ́n fi kún ọrùn àti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni èjìká aboyún kì í fẹ̀. Ọmú rẹ̀ yóò tóbi, egungun ìhà rẹ̀ náà yóò ṣí díẹ̀ bí oyún bá ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n ibi tí èjìká wà náà ló máa wà. Ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ojú rírán èjìká yóò yọ̀ wá sórí apá, ọrùn aṣọ yóò là gbàgà, ihò apá yóò sì fẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò máa rí kọ́mú rẹ̀ nígbàkigbà tó bá nawọ́ mú fáìlì. Ikùn tí a tìtorí rẹ̀ ra aṣọ náà yóò ṣì máa fún un. Obìnrin náà yóò wá dà bí ẹni tó yá aṣọ wọ̀, àwọn ará ọ́fíìsì yóò sì sọ pé oyún ni kò jẹ́ kó múra dáadáa mọ́.

Oníbàárà mi kan, tó jẹ́ oníṣirò owó, tó sì máa ń dúró níwájú àwọn ọ̀gá láti ṣàlàyé ìwé ìnáwó, wá bá mi nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í. Ọ̀gá rẹ̀ ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé, ó ní gáùn rẹ̀ ti ń kúrú jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gáùn yìí kan náà ni mo wọ̀ lóṣù tó kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó tóbi ni." Mo ní kó wọ̀ ọ́ kí n wò ó. Láti ẹ̀yìn, etí gáùn náà balẹ̀ dé orúnkún gẹ́lẹ́, bó ṣe yẹ. Láti iwájú, ó ti ròkè kọjá orúnkún, ó sì ń gòkè sí i bó ṣe ń rìn.

Mo fi téèpù lé ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, mo gbé e gba orí ọmú, mo gbé e gba ibi tí ikùn ti yọ jù lọ, mo sì jẹ́ kó wálẹ̀ dé orúnkún. Sẹ̀ǹtímítà 113 ló jẹ́. Mo wá tẹ́ gáùn náà sórí tábìlì, mo wọ̀n ọ́n láti ibì kan náà dé etí rẹ̀ níwájú: sẹ̀ǹtímítà 104. Gáùn náà kò kúrú rárá. Ikùn ló gba sẹ̀ǹtímítà 9 lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé orúnkún, ìwọ̀n méjì tó sì fi kún un ti fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ láìfi nǹkan kan tó ṣe é rí kún gígùn rẹ̀. Ọ̀gá náà rí orúnkún, ó sì rò pé ìwà ni. Ìṣirò lásán ni, ẹni tó sì ń bá wí mọ ìṣirò jù ú lọ.

Mo sọ fún un pé kó mú gáùn tó ń wọ̀ kó tó lóyún wá, kì í ṣe èyí tó tóbi. Láti inú èyí ni mo ti mú ìwọ̀n èjìká, ihò apá àti ẹ̀yìn, n kò sì fi ohunkóhun kún wọn, àfi ibi àyà tí mo fẹ̀ díẹ̀. Iwájú nìkan ni mo yí padà pátápátá. Mo gé e kó fi sẹ̀ǹtímítà 15 gùn ju ẹ̀yìn lọ: 9 fún ikùn tó wà nílẹ̀, 6 fún èyí tó ń bọ̀. Mo wá ṣẹ́ gbogbo àjùlọ yẹn po ní wẹ́wẹ́ sínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láti abẹ́ ọmú títí dé ìbàdí, tí iwájú àti ẹ̀yìn fi wá dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́. Bí ikùn bá ṣe ń yọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìṣẹ́po náà yóò máa tú ara wọn sílẹ̀ ní àárín, tí etí gáùn yóò sì dúró síbi tó wà. Aṣọ tó rọ̀, tó sì ń fà díẹ̀, ni mo lò, nítorí tí a bá ṣẹ́ aṣọ tó le po báyìí, yóò wú síta ni, yóò sì fi ikùn mìíràn kún ikùn. Ó wọ gáùn náà títí dé ọ̀sẹ̀ tó gba ìsinmi ìbímọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ aboyún tí ẹ fẹ́ rà jẹ́ ojúlówó, ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ ká a sí méjì ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi ìwájú lé ẹ̀yìn. Tí etí méjèèjì bá dọ́gba, tí kò sì sí ìṣẹ́po kankan ní ẹ̀gbẹ́, tí kò sí gígé lábẹ́ ọmú, aṣọ lásán tó tóbi ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò nílò aṣọ tuntun, àfi kọ́mú. Ilé ọmọ ṣì wà nísàlẹ̀ láàárín egungun ìbàdí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ikùn a máa wú nítorí pé oúnjẹ kì í tètè dà mọ́, ìgbátí ṣòkòtò tó sì fún a máa dá kún inú rírú àti àyà títa. Rọ́bà tí a fi ń di irun ti tó fún èyí: ẹ ti rọ́bà náà bọ inú ihò bọ́tìnnì, ẹ fi okùn rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ìkangun tó kù kọ́ bọ́tìnnì, kí búláòsì gígùn bò ó. Ọjọ́ tí síìpù bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọgbọ́n rọ́bà dópin. Ní ti kọ́mú, ẹ bọ́ èyí tó ní wáyà bó bá ti ń fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọmú, ẹ má dúró de ìgbà tí ikùn yóò hàn.

Fún ṣòkòtò, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún tí ilé ọmọ ti dé ìdodo, mo máa ń béèrè iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe kí n tó gé nǹkan kan. Ẹni tó ń dúró tó sì ń rìn púpọ̀ ni ìgbátí tó ga bo gbogbo ikùn dára fún, nítorí kì í yọ̀. Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ yóò máa ráhùn pé ó ń móoru, nítorí pé ara aboyún ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbátí tó dúró sábẹ́ ikùn náà a máa gé e ní itan bó bá jókòó, àfi kí ó rọ̀ dáadáa. (Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tí búláòsì àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ ilé ìtọ̀ lemọ́lemọ́ kò lè máa bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.)

Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló ń pàṣẹ. Ẹ ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú, kó fẹ̀ níwájú, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, kó má sì ga ju bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, orí ibùsùn ni a ti ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí a tó dìde, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ti wú tán, agbára káká ni yóò fi wọlé, kò sì ní ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, tí orí ń fọ́ gidigidi tàbí tí ojú ń ṣú, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ aránṣọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Gbogbo èyí dá mi lójú. Ohun tí kò dá mi lójú ni ohun tí oníbàárà mìíràn wá béèrè láìpẹ́ yìí. Oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ó sì fẹ́ kí n rán kóòtù tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ní ibi iṣẹ́ títí wọn yóò fi kéde ẹni tó gba ìgbéga. Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é: kóòtù tó gùn dé ìdí, tí kò ní bọ́tìnnì, tí etí iwájú rẹ̀ méjèèjì ń ṣubú tààrà, pẹ̀lú búláòsì dúdú nínú, kí ojú má rí ibi tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀. Mo gba iṣẹ́ náà, mo sì ti gé e. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá òun ni mò ń ràn lọ́wọ́ tàbí àwọn ọ̀gá rẹ̀, tí wọn kò ní rí ìdí kankan láti yí ìwà wọn padà níwọ̀n ìgbà tí aránṣọ bá ti lè bá wọn fi oyún pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ ṣe?