Pálọ̀ kékeré, rọ́ọ̀gì kékeré: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Kò sí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì tí kì í sọ ọ́ fún mi: pálọ̀ tí kò bá tóbi, rọ́ọ̀gì kékeré ni kí ẹ rà sí i, torí pé ńlá á fún yàrá náà pa. Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ra ẹyọ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 180, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ tábìlì àárín, mo wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wọlé. Ó wò ó títí, ó ní, "Ta ló fẹ́ kírun?"

Orúkọ tí a ń pè é gan-an wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. A ní sẹ́ńtà rọ́ọ̀gì, a sì rò pé àárín nìkan ni àyè rẹ̀, kí ó má kan nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí etí rọ́ọ̀gì bá dé ni ojú máa ń kà sí òpin ibi ìjókòó. Tí etí yẹn bá dúró láàárín ilẹ̀, tí ó jìnnà sí gbogbo àga, ojú yóò rí erékùṣù kékeré kan àti ilẹ̀ òfìfo tó yí i ká. Sófà á wá dà bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó wọlé. Pálọ̀ tí kò tóbi tẹ́lẹ̀, ẹ tún ti là á sí wẹ́wẹ́.

Ẹsẹ̀ sófà ló yẹ kí ẹ fi wọn rọ́ọ̀gì. Ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ iwájú sófà wà lórí rẹ̀, kí rọ́ọ̀gì sì yọ síta ní nǹkan bíi 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà ní apá ọ̀tún àti apá òsì sófà. Ẹ jẹ́ kí n fi pálọ̀ tèmi ṣe é, ẹ ó rí i pé ìṣirò rẹ̀ kò le.

Ògiri tí sófà mi fara tì jẹ́ 360 sẹ̀ǹtímítà; láti ibẹ̀ dé ògiri tó kọjú sí i jẹ́ 420. Sófà náà gùn ní 210, ìnú rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú jẹ́ 90. Mo fi 20 kún 210 ní ọ̀tún, mo fi 20 kún un ní òsì, ó di 250. Ẹ rí i pé rọ́ọ̀gì mi àkọ́kọ́, tó gùn ní 180, kò tó sófà fúnra rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí pé yóò yọ síta. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń tà tí gígùn rẹ̀ lé ní 250 ni 200 sí 300, ìyẹn ìbú 200, gígùn 300, òun ni mo sì mú. Mo tẹ́ gígùn rẹ̀ sí ọ̀nà tí gígùn sófà kọjú sí. 300 nínú 360, ó ku 60, ìyẹn 30 ilẹ̀ lásán ní apá kọ̀ọ̀kan kó tó kan ògiri.

30 yẹn ṣe pàtàkì o. Ibẹ̀ ni òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn èèyàn ń sọ: rọ́ọ̀gì tó bá lọ fẹnu kan ògiri máa ń dà bí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé tí kò tó. Ẹ fi ilẹ̀ tó tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Kì í ṣe pé ńlá ò ní ààlà.

Mo wá ti etí rọ́ọ̀gì náà wọ abẹ́ sófà ní 30 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó pọ̀ tó láti gba ẹsẹ̀ iwájú dáadáa. Ó ku 170 tó yọ síwájú. Tábìlì àárín gba ibẹ̀, àga ẹlẹ́nì kan tó kọjú sí sófà náà sì fi ẹsẹ̀ iwájú tirẹ̀ tẹ etí kejì. Gbogbo wọn ti wá wà lórí ohun kan náà. Yàrá yẹn kò kéré sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé bi mí bóyá mo kó àga kan jáde ni.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún èèyàn: tí rọ́ọ̀gì bá nípọn, sófà á rọra fì sẹ́yìn, nítorí pé iwájú rẹ̀ ti ga ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó parí.

Abẹ́ tábìlì ìjẹun lọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀. Ibẹ̀, wọ́n á ní kí rọ́ọ̀gì ṣáà ju tábìlì lọ díẹ̀, kí etí rẹ̀ lè hàn. Èyí burú ju ti pálọ̀ lọ, torí ti pálọ̀ ojú nìkan ló ń dà láàmú. Ẹ jókòó sórí àga ìjẹun, kí ẹ wá ti ara yín sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga yóò bọ́ sílẹ̀ láti orí etí rọ́ọ̀gì, àga á fì. Tí ẹ bá tún fẹ́ sún mọ́ oúnjẹ, ẹsẹ̀ kan náà á kọ́ etí yẹn, á sì ká a jọ. Láìpẹ́, etí rọ́ọ̀gì á máa yí sókè, àwọn ọmọ á sì máa fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Nítorí náà, àga tí wọ́n fà sẹ́yìn ni kí ẹ wọ̀n, ẹ fi tábìlì sílẹ̀. Èèyàn nílò nǹkan bíi 60 sí 75 sẹ̀ǹtímítà láti etí tábìlì kó tó lè dìde. Tábìlì tó jẹ́ 90 sí 180: ẹ fi 60 kún ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di 210 sí 300. Ẹ rí i pé rọ́ọ̀gì 200 sí 300 tó bá pálọ̀ mi mu kò tó síbẹ̀, 55 péré ló máa kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. 240 sí 300 ló máa gbà á. Tí tábìlì bá rí roboto, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 120, rọ́ọ̀gì roboto tó jẹ́ 240 ni. Kí irun rẹ̀ kúrú, tàbí kó má nírun rárá, torí irun gígùn á máa di àga lọ́wọ́, èérún oúnjẹ á sì há sínú rẹ̀.

Bí àyè kò bá gba ìwọ̀n yẹn ńkọ́, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú bá máa ha rọ́ọ̀gì? Ẹ má tẹ́ ohunkóhun síbẹ̀. Ilẹ̀ lásán dára ju rọ́ọ̀gì tí àga ń já bọ́ lórí rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi sẹ́lótéèpù fa ìlà ìwọ̀n náà sílẹ̀, tàbí kí ẹ ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sí ìwọ̀n yẹn, kí ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ fa àga, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jókòó, ẹ dìde. Rọ́ọ̀gì 120 sí 180 tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn báyìí, ibẹ̀ ló sì bá a mu.